Ẹ̀rọ ìfọṣọ kọ̀, kò da omi nù mọ́: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò?

Ọmọ Ìjàpò
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́. Ẹ̀rọ ìfọṣọ wa, kílò 7, èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà níwájú, fọ aṣọ tán lálẹ́ àná, ó wá dá dúró kó tó fún un. Omi dé ìdajì gíláàsì ilẹ̀kùn, aṣọ wà nínú omi, ilẹ̀kùn sì tì pa. OE ló ń kọ sójú. Bí mo bá tẹ Spin, màá gbọ́ "hùùùn" nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún fún ìṣẹ́jú mélòó kan, á tún dákẹ́. Ẹni tó máa ń bá wa tún un ṣe ò tíì wá wò ó, orí fóònù ló ti sọ pé pọ́ńpù ti jó, kí n wá owó tuntun. Kí n tó sanwó, kí ni mo lè fọwọ́ ara mi yẹ̀ wò? Inú páìpù ògiri ni họ́ọ̀sì tó ń da omi nù wọ̀, ibẹ̀ ló gbà lọ sí sọkawéè. Léèsì ìyàwó mi méjì àti aṣọ àwọn ọmọ ló wà nínú rẹ̀.

Rewáyà Òkè-Àrò
Ó ti jó nìyẹn. Pọ́ńpù tó bá ń kùn tí kò da omi, kọ́ìlì rẹ̀ ti lọ. Ẹ jẹ́ kó pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi tuntun sí i, ẹ fọ fílítà, torí ìdọ̀tí ibẹ̀ ló ń sábà jẹ́ kó jó.

Alágbàfọ̀ Ọjà Ọba
Ìdajì ọ̀rọ̀ Rewáyà ló tọ́. Ti fílítà yẹn dáa. Ti kọ́ìlì ni mi ò fara mọ́. Kọ́ìlì tó bá ti já, dídákẹ́ ló máa ń dákẹ́. Ẹ ó tẹ Spin, ẹ ò ní gbọ́ ìró kankan nísàlẹ̀. Èyí tó ń kùn, iná ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ń gbìyànjú láti yí, nǹkan kan ni kò jẹ́ kó yí. Nǹkan yẹn lè jẹ́ òwú, pínnì, tàbí kí iná fúnra rẹ̀ má tó. Nítorí náà, ẹ dá owó dúró ná.

OE tí ẹ rí yẹn, LG ló ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Samsung máa ń kọ 5C tàbí 5E. Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: mo retí kí omi tán, kò tán. Kì í sọ ibi tí omi há sí fún yín o. Ẹ̀yin lẹ máa wá a.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni bóyá inú ẹ̀rọ ni àìsàn wà tàbí inú páìpù ilé. Garawa lítà 10 nìkan lẹ nílò. Ẹ fa ẹnu họ́ọ̀sì yọ kúrò nínú páìpù ògiri, ẹ gbé garawa sórí àpótí tàbí àga kí ẹnu họ́ọ̀sì má fi bẹ́ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ̀ ọ́, kí ẹnì kan di í mú dáadáa. Lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ Spin. Bí omi bá ya jáde tagbáratagbára, tí garawa fẹ́ kún kí ìṣẹ́jú kan tó pé, ara ẹ̀rọ yá, páìpù ilé ni kí ẹ lọ bá jà. Kí ọwọ́ yín wà lórí bọ́tìnnì ìdádúró o, ó lè kún lójijì. Bó bá jẹ́ pé ó kàn ń ṣẹ̀ jáde tóótòò, tàbí kò tilẹ̀ jáde, ẹ padà wá sọ fún wa.

Ìyá Ìbejì Ọ̀bà-Ilé
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an! Mo ti wá fílítà yìí títí nísàlẹ̀ rẹ̀, kò sí ilẹ̀kùn kékeré kankan níbẹ̀. Tèmi ní ihò méjì, ọ̀kan fún fífọ̀, ọ̀kan fún fífún. Ihò ìfọ̀ ni omi ti dúró, tìfún ń lọ dáadáa.

Alágbàfọ̀ Ọjà Ọba
Mà, tiyín yàtọ̀ sí tiwọn pátápátá. Oníhò méjì kì í sábà ní pọ́ńpù, kò sì ní fílítà bí irú èyí. Omi ń ṣàn jáde fúnra rẹ̀ ni. Ẹ kọ́kọ́ wo họ́ọ̀sì: ó gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ sílẹ̀ pátápátá tí ẹ bá fẹ́ da omi nù. Bí ẹ bá gbé e kọ́ sókè, tàbí ẹ gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà bálùwẹ̀ tó ga, omi ò lè gun òkè. Bí ìyẹn bá dáa, ẹ yí bọ́tìnnì sí Drain, kí ẹ tẹ́tí. Lábẹ́ bọ́tìnnì yẹn, okùn kan wà tó ń fa rọ́bà kékeré kan sókè tó dé ojú ihò tí omi ń gbà jáde. Bí okùn bá já tàbí ó yọ, rọ́bà ò ní gbéra. Bó bá sì ń gbéra, a jẹ́ pé nǹkan ló há sábẹ́ rẹ̀. Ẹ yọ ọ́ nínú iná, kí ẹ tú abala lẹ́yìn, ẹ ó rí ilé rọ́bà yẹn, ìdérí rẹ̀ ń ṣí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Sáòsì Géètì
Ẹ̀gbọ́n, mo kà á níbì kan pé kí èèyàn da kọ́sítíìkì sínú rẹ̀ pẹ̀lú omi gbígbóná, kó fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Gbogbo ìdọ̀tí á yọ́.

Púlọ́ńbà Alágbàká
Ẹ jọ̀wọ́, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbìyànjú ìyẹn. Kọ́sítíìkì lè ṣiṣẹ́ nínú páìpù tí ọ̀rá dì, àmọ́ kì í ṣe inú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó gbé agbada aṣọ lẹ́yìn, alumíníọ̀mù ló sábà máa ń jẹ́. Kọ́sítíìkì ń jẹ alumíníọ̀mù bí kòkòrò ṣe ń jẹ igi. Á tún ba rọ́bà jẹ́. Ẹni tó bá sì padà ṣí fílítà lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ àti ojú rẹ̀ ni omi náà máa ya sí. Yàtọ̀ síyẹn, pínnì irun kì í yọ́ nínú kọ́sítíìkì.

Akẹ́kọ̀ọ́ Sáòsì Géètì
Ó yé mi, sà. Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà.

Ọmọ Ìjàpò
Mo ti ṣe ti garawa. Kò ya jáde o. Ó ń kùn, omi tó jáde ò tó kọ́ọ̀bù kan, ó tún dúró. Ó wá kù kí ni?

Alágbàfọ̀ Ọjà Ọba
Ẹ ṣeun. A ti yọ sọkawéè kúrò fún ìsinsìnyí, inú ẹ̀rọ ló wà. Ó kan fílítà wàyí, ṣùgbọ́n ẹ má ṣí i báyìí. Lítà omi tó wà nínú rẹ̀ lè lé ní mẹ́wàá, orí ilẹ̀ yín ló máa dà sí.

Ẹ pa á, kí ẹ yọ pílọ́ọ̀gì kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe pé kí ẹ kàn pa bọ́tìnnì ojú rẹ̀, ẹ yọ pílọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ omi gbígbóná lẹ fi fọ aṣọ, ẹ dúró kó tutù, torí omi dígírì 60 tàbí 90 lè bó ọwọ́.

Nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ilẹ̀kùn pílásítíkì pẹlẹbẹ kan wà. Ẹ fi owó ẹyọ tàbí sukudiráfà pẹlẹbẹ ṣí i. Ẹ ó rí ọmọrí róbótó tó tóbi bí ìdérí ike omi ńlá, ìyẹn ni fílítà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ kan lè wà tó ní ìdérí lẹ́nu. Iṣẹ́ ìtú omi ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ fà á jáde, ẹ gbé abọ́ pẹrẹsẹ sábẹ́ rẹ̀, ẹ yọ ìdérí ẹnu rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó máa ṣàn. Bí abọ́ bá kún, ẹ fi ìdérí dé e padà, ẹ da omi nù, ẹ tún gbé e síbẹ̀. Ó máa ń pẹ́, ẹ fara balẹ̀.

Bí tiyín ò bá ní họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ tẹ́ aṣọ ìnura àtijọ́ méjì sílẹ̀, kí ẹ yí fílítà sọ́wọ́ òsì díẹ̀, ìdá mẹ́rin ìyípo. Omi á máa ṣẹ̀ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí abọ́ bá kún, ẹ yí i sọ́wọ́ ọ̀tún kó dí. Ẹ má yọ ọ́ tán títí omi ò fi ní ṣàn mọ́.

Bí omi ti ń jáde lẹ wò ó o. Bó bá ń ṣàn geere láti ibẹ̀, ọ̀nà láti inú agbada dé ilé fílítà là. Bó bá jẹ́ pé ó ń kán tó, tó, tó, nígbà tí omi ṣì kún inú ilẹ̀kùn, nǹkan wà nínú rọ́bà ńlá tó so agbada pọ̀ mọ́ pọ́ńpù. Ìbọ̀sẹ̀ ọmọ kékeré ló sábà máa ń wà níbẹ̀, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn wọlé.

Rewáyà Òkè-Àrò
Kí ló dé tí wọn ò kàn gbé họ́ọ̀sì ẹ̀yìn sílẹ̀ kí omi ṣàn jáde? Ó yá ju abọ́ lọ.

Alágbàfọ̀ Ọjà Ọba
Ó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kan, kì í ṣe gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni họ́ọ̀sì rẹ̀ ti gùn lọ sókè lẹ́yìn kó tó bọ́ sílẹ̀, kílíìpù sì dì í mú lókè. Bí omi inú agbada bá rẹlẹ̀ ju ibi tó ga jù yẹn lọ, kò ní kọjá. Ẹ gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò nínú kílíìpù kí ẹ tó gbé e sílẹ̀. Bí fílítà bá sì ti dí, ọ̀nà kan náà ni, kò ní ṣàn. Mo fẹ́ràn ti abọ́ torí ó ń sọ ibi tí omi há sí.

Ọmọ Ìjàpò
Mo ti tú omi. Ó ṣàn geere láti họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, abọ́ mẹ́sàn-án ni mo kà. Lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú méjì tí mo padà tan iná, ilẹ̀kùn ṣí fúnra rẹ̀, mo kó aṣọ jáde. Mo tún yọ pílọ́ọ̀gì kí n tó yọ fílítà.

Ẹ wo ohun tó wà lára rẹ̀ o. Irun àtáṣímẹ́ǹtì tó lọ́ mọ́ òwú, ó gùn tó ìka mi, ó dúdú, ó ń yọ̀ bí ilá. Òkúta léèsì mẹ́ta, ọ̀kan ṣì ń dán. Igi ìṣáná. Ìdajì náílọ́ọ̀nù píọ̀ wọ́tà tó ká jọ. Òórùn rẹ̀ ò ṣeé sọ. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ àti omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo dá a padà, mo da omi díẹ̀ sínú agbada, mo tẹ Spin. "Hùùùn" náà ló ṣì wà níbẹ̀. Ṣé Rewáyà ló wá tọ̀nà báyìí?

Rewáyà Òkè-Àrò
Mo sọ bẹ́ẹ̀.

Alágbàfọ̀ Ọjà Ọba
Ẹ má yára. Fílítà ń gba ohun tó bá tóbi. Ohun tó tẹ́ẹ́rẹ́ lè gba àárín eyín rẹ̀ kọjá, á lọ bá abẹ̀bẹ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ yẹn ló ń gbá omi jáde. Òwú àti irun máa ń lọ́ mọ́ ìdí rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ká òwú mọ́ kẹ̀kẹ́ ìránwú. Bí wọ́n bá ti lọ́ mọ́ ọn tán, kò sí agbára tí pọ́ńpù fẹ́ fi yí. Tiyín tí irun àtáṣímẹ́ǹtì ti wà lẹ́nu fílítà yìí, ó dá mi lójú pé púpọ̀ sí i ṣì wà nínú.

Ẹ yọ pílọ́ọ̀gì, ẹ yọ fílítà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sínú ihò náà. Ní ìsàlẹ̀ ihò, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí abẹ̀bẹ̀ náà, abala rẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ fi ìka tàbí ẹ̀yìn ṣíbí pílásítíkì yí i. Ohun tí àwọn èèyàn ń ṣì lóye nìyí: kì í yí gbẹ̀rẹ̀ bí táyà kẹ̀kẹ́. Mágínẹ́ẹ̀tì ló wà nínú rẹ̀, nítorí náà á máa dì mú, á fò, á tún dì mú. Ẹ ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé ó ń fò bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ dá nìyẹn. Bí kò bá yí rárá, nǹkan há. Bó bá sì ń yí gbẹ̀rẹ̀ láìdì mú níbì kankan, abẹ̀bẹ̀ ti já kúrò lára irin rẹ̀. Ti ìkẹyìn yìí ni ẹ ó máa gbọ́ tí pọ́ńpù ń sáré nínú, tí omi ò sì jáde. Òun ni pọ́ńpù tuntun tọ́ sí.

Ẹ fi pínsà ẹlẹ́nu tẹ́ẹ́rẹ́ fa òwú náà, ẹ má fi ọbẹ gé e nínú ihò, ẹ ó ya pílásítíkì. Ẹ máa fà á bí ẹ ti ń yí abẹ̀bẹ̀ sẹ́yìn, á máa tú.

Ọmọ Ìjàpò
Kò yí rárá nígbà tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Mo rí òwú kan tó yọ orí síta, mo fi pínsà mú un, mo ń fà, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, bí ẹni ń fa ìfun ẹja. Nígbà tí mo fà á dé ìdí, pínnì irun kan tẹ̀lé e jáde, ó ti tẹ̀ kọdọrọ. Lẹ́yìn náà ni abẹ̀bẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò bí ẹ ṣe sọ, kọ́, kọ́, kọ́.

Mo tún fi sínú garawa. Ó ya jáde! Garawa lítà 10 kún kí n tó kà dé ogójì. Ẹ ṣeun gan-an.

Alágbàfọ̀ Ọjà Ọba
Ó dáa. Ẹ rí i pé fílítà wọ inú ojú rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó yí i pa. Ẹ kọ́kọ́ yí i sọ́wọ́ òsì títí ẹ ó fi gbọ́ tó bọ́ sójú, lẹ́yìn náà kí ẹ yí i sọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ da lítà omi méjì sínú agbada, ẹ tẹ́ tíṣù gbígbẹ sábẹ́ fílítà, kí ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí tíṣù bá tutù, kò wọlé tán, tàbí rọ́bà rẹ̀ ti ya.

Léèsì tó ní òkúta, ẹ jọ̀wọ́, inú àpò nẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ máa fi sí kó tó wọ ẹ̀rọ. Ẹ dìídì tú àpò aṣọ àwọn ọmọ wò. Ní ṣọ́ọ̀bù, ìka ni mo fi ń yí rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ká lẹ́yìn gbogbo aṣọ oníléèsì, ibẹ̀ ni pínnì ń sá pamọ́ sí.

Ọmọ Ìjàpò
Mo padà o. Mo ti ki họ́ọ̀sì padà sínú páìpù ògiri, mo fọ aṣọ ìṣẹ́jú ọgbọ̀n. Ó da omi nù ní ìgbà kìíní. Ní ìgbà kejì, omi bẹ̀rẹ̀ sí í rú jáde láti ẹnu páìpù ògiri, ilẹ̀ bálùwẹ̀ tutù rẹ̀gẹ̀jì. Ẹ̀rọ tún kọ OE. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi sí garawa, ó lọ dáadáa.

Púlọ́ńbà Alágbàká
Tèmi ti dé nìyí. Ẹ sọ fún mi: báwo ni họ́ọ̀sì náà ti jìn tó nínú páìpù? Báwo ni ẹnu páìpù ga tó sí ilẹ̀? Ṣé ẹ fi téèpù tàbí rọ́bà dí àyíká rẹ̀?

Ọmọ Ìjàpò
Mo tì í wọlé títí ó fi kọ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà 40. Ẹnu páìpù ga tó ìdí mi. Ẹni tó gbé e síbẹ̀ fi téèpù dúdú dì í yíká kí òórùn má baà jáde.

Púlọ́ńbà Alágbàká
Ẹnu páìpù dáa, láàárín sẹ̀ǹtímítà 60 sí 100 la ń fẹ́. Bó bá rẹlẹ̀ jù, omi á máa fa ara rẹ̀ jáde nígbà tí ẹ̀rọ ń fọ aṣọ. Bó bá ga jù, pọ́ńpù ò ní lè gbé e dé òkè. Àmọ́ jíjìn yẹn ló bà á jẹ́. Sẹ̀ǹtímítà 15 ti tó. Nígbà tó jìn tó 40, ẹnu họ́ọ̀sì ti wọ inú omi tó dúró sísàlẹ̀ páìpù, pọ́ńpù wá ń tì omi lòdì sí omi. Téèpù náà kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, nítorí náà omi ìdọ̀tí inú páìpù lè padà bọ́ sínú agbada yín. Ẹ yọ téèpù náà. Ó yẹ kí àyè wà yí họ́ọ̀sì ká. Ti òórùn, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń yanjú rẹ̀, a máa ń tẹ páìpù kó di omi díẹ̀ mú.

Rírú tó rú jáde yẹn sì tún ní ìtumọ̀. Pọ́ńpù lè da bíi lítà 15 ní ìṣẹ́jú kan, páìpù yín kò lè gbé e. Ẹ dán an wò láìsí ẹ̀rọ: ẹ ti àrọ bọ ẹnu páìpù, ẹ da garawa lítà 10 méjì sí i lẹ́ẹ̀kan náà, láìdúró. Bó bá gbé e mì, kí ẹ dán họ́ọ̀sì wò ní jíjìn 15. Bó bá rú sókè, òwú àti irun ló ti dí ibi tí páìpù ti tẹ̀, tàbí sọkawéè ti kún. Àkúrẹ́ wa yìí, orí àpáta ni ọ̀pọ̀ ilé wà. Ní ìgbà òjò, omi sọkawéè kì í tètè wọ ilẹ̀ lọ. Ẹ wo ihò ìdọ̀tí míì nínú ilé: bí omi ìwẹ̀ náà bá ń lọ́ra lọ, sọkawéè ni. Bó bá jẹ́ ti ẹ̀rọ nìkan, páìpù tiẹ̀ ló dí. Kí ẹ tún béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ri páìpù náà bóyá ínṣì kan ààbọ̀ ni tàbí ó kéré sí i.

Ọmọ Ìjàpò
Garawa kìíní lọ. Èkejì rú díẹ̀ kó tó lọ. Omi ìwẹ̀ ń lọ dáadáa. Mo yọ téèpù, mo fa họ́ọ̀sì sókè dé 15, ó ti ń ṣiṣẹ́ lónìí, ṣùgbọ́n mo gbọ́ "hùùùn" díẹ̀ ní bíi agogo mẹ́jọ alẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ínfátà ló wà lórí iná nígbà yẹn.

Rewáyà Òkè-Àrò
Èyí ni mo mọ̀ dáadáa, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Pọ́ńpù yẹn, 220 sí 240 fólótì, 50 Hz ni wọ́n ń kọ sára rẹ̀. Bí ínfátà yín bá jẹ́ irú èyí tí iná rẹ̀ kì í ṣe ojúlówó, pọ́ńpù á máa kùn, á sì máa gbóná, á pẹ́ kó tó yí. Iná NẸ́PÀ tó rẹlẹ̀ lálẹ́ ń ṣe ohun kan náà. Ẹ fi mítà wọn sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn lágogo mẹ́jọ alẹ́ àti ní òwúrọ̀ kùtù, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀. Bí tòwúrọ̀ bá lọ tí tàlẹ́ kọ̀, pọ́ńpù ò ní ẹ̀bi.

Ẹ sì lè wọn pọ́ńpù náà fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ti yọ pílọ́ọ̀gì tí ẹ sì yọ wáyà méjì orí rẹ̀. Láàárín bíi óòmù 100 sí 200 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wà. Bí mítà bá kọ OL, ó ti já, kò sí ohun tí ẹ ó fọ̀.

Alágbàfọ̀ Ọjà Ọba
Ó lè jẹ́ ínfátà. Ó sì lè jẹ́ òwú tó kù sí ìdí irin abẹ̀bẹ̀, tí ó fi ń pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní dá ọ̀kan lẹ́bi báyìí. Ọ̀kan míì tó tún ń fa irú rẹ̀ ni ọṣẹ. Ọṣẹ etu tí wọ́n ń fi ọwọ́ fọ aṣọ ń hó púpọ̀, foomu kì í sì í ṣe omi; abẹ̀bẹ̀ á máa gbá afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá rí foomu dé gíláàsì ilẹ̀kùn nígbà tó bá dúró, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó wá sílẹ̀, kí ẹ fi omi lásán ṣan án lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà kí ẹ dín ọṣẹ kù.

Ìyá Ìbejì Ọ̀bà-Ilé
Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ọkùnrin tú ẹ̀yìn tèmi. Bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì ni! Ó dúró sí abẹ́ rọ́bà yẹn gẹ́lẹ́. Omi ti ń lọ. Ṣùgbọ́n ó ń kán díẹ̀díẹ̀ báyìí nígbà tí mo bá ń fọ aṣọ, tí bọ́tìnnì wà ní Wash.

Alágbàfọ̀ Ọjà Ọba
Mà, bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì náà ti lè fi ojú egbò sára rọ́bà. Kí ó tún tú u, kó nu ojú ihò àti ẹnu rọ́bà náà mọ́, kó wo bóyá ìlà wà lára rẹ̀. Bí kò bá sí, iyanrìn lásán ló wà níbẹ̀. Bó bá wà, kó mú rọ́bà náà dání lọ ra irú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ kò dọ́gba láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn.

Ọmọ Ìjàpò
Mo máa wọn iná lálẹ́ òní àti láàárọ̀ ọ̀la. Ẹni tó ní kí n wá owó pọ́ńpù ti pè lẹ́ẹ̀mejì, mi ò tíì gbé e.